Owó oṣù ₦95,000: èló ni kí n yà sọ́tọ̀ fún tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, èló ni kí n sì máa fi ta eré kan?

Àjàní Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àìkú, aago 7:40 alẹ́)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí i yín o. Ẹni ọdún 27 ni mí, ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ₦95,000 sì ni owó oṣù mi. Mo máa ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì tí owó oṣù ń wọ̀ náà ni owó tẹ́tẹ́ ti ń jáde, n kì í sì í mọ iye tó bá a lọ. Mo fẹ́ máa ya ₦20,000 sọ́tọ̀ lóṣù. Ṣé iye yẹn bójú mu, èló ló sì yẹ kí n máa fi ta eré kan ṣoṣo?

Bàbá Ṣadé, Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:05 alẹ́)

Ọmọ mi, o ṣeun tí o fẹ́ máa fi owó pamọ́. Alájọ ni kí o wá. Alájọ tèmi ń wá sí ìsọ̀ láràárọ̀, mo ń san iye kan náà fún un lójoojúmọ́, nígbà tí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún mi. ₦20,000 lóṣù dára púpọ̀ fún ọ̀dọ́. Kò ní pẹ́ tí o máa fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tìrẹ.

Àjàní Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àìkú, aago 8:19 alẹ́)

Ẹ ṣé, Bàbá. Owó tẹ́tẹ́ ni mò ń sọ, kì í ṣe owó ìfipamọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ alájọ náà.

Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́)

Àbúrò, mi ò lè dáhùn èyí láì rí ìnáwó rẹ. Jọ̀wọ́ kọ oṣù tó kọjá síbí, bí o ṣe ná an gan-an, má kọ ọ́ bí o ṣe fẹ́ kí ó rí. Kọ ohun tí o ń san lóṣooṣù, lẹ́yìn náà kí o kọ ohun tí o ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí kejì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà.

Kọ́lápọ̀ Èkó (Ọjọ́ Àìkú, aago 9:30 alẹ́)

Kò yẹ kí èyí le tó bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nílẹ̀ ni kí o máa fi ta eré kan. Bí ₦20,000 bá wà nílẹ̀, fi ₦2,000 ta á. Bí o bá pàdánù, ₦18,000 ló kù, ₦1,800 ni èyí tó kàn. Bí o bá jẹ, o gbé iye náà sókè. Owó náà kò lè tán láéláé, nítorí pé ìdá kan nínú ohun tó kù lo ń mú, o kì í mú gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún kan ààbọ̀.

Àjàní Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Àìkú, aago 10:11 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì, bí oṣù tó kọjá ṣe lọ nìyí. Ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀ jẹ́ ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, ìyẹn ₦26,000. Oúnjẹ jẹ́ ₦35,000. Mo fi ₦10,000 ránṣẹ́ sí ìyá mi. Dátà àti iná mọ̀nàmọ́ná jẹ́ ₦7,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦78,000, ó sì ku ₦17,000. Mo rò pé bí mo bá fún oúnjẹ pọ̀ díẹ̀, yóò di ₦20,000. Èyí tí mò ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ju owó ilé lọ, ₦180,000, oṣù kejì ọdún ni mo sì máa ń san án.

Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Àìkú, aago 11:04 alẹ́)

O ṣeun tí o kọ ọ́ tòótọ́-tòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ti hàn.

Owó ilé rẹ jẹ́ ₦180,000 lọ́dún. Bí a bá pín in sí oṣù 12, ₦15,000 ló ń jẹ lóṣù kọ̀ọ̀kan, yálà onílé kan ilẹ̀kùn rẹ lóṣù náà tàbí kò kàn án. Yọ ₦15,000 kúrò nínú ₦17,000 tó kù sí ọ lọ́wọ́, ₦2,000 ló kù. Iye tí ó jẹ́ tìrẹ láti fi ta tẹ́tẹ́ lóṣù nìyẹn, a kò sì tíì dárúkọ ibà tàbí bàtà tó já. ₦20,000 tí o fẹ́ yà sọ́tọ̀ yẹn, owó onílé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyókù sì máa jáde láti inú ọbẹ̀ rẹ.

Ìdí tí ó fi ń tan wá jẹ nílé wa níbí ni pé ọdọọdún ni a ń san owó ilé. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kìíní, owó náà jókòó sínú àkáǹtì láìní orúkọ lára, ojú sì ń rí i bí owó tó ṣẹ́ kù. Ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ó ti máa ń pọ̀ gan-an, líìgì sì ti gbóná nígbà náà. Mo ti rí ẹni tó mọ ìṣirò ju èmi lọ tó ṣubú síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti ń ta tẹ́tẹ́ láti inú owó ilé, wo iye tó wà lọ́wọ́ rẹ ní oṣù kìíní tó kọjá. Ṣé owó ilé pé, àbí o yá díẹ̀ kún un?

Nítorí náà, kí á tó dé orí eré kan, jẹ́ kí ₦15,000 kúrò nínú àkáǹtì owó oṣù ní ọjọ́ tí owó bá wọlé gan-an, kì í ṣe ní òpin oṣù. Lẹ́yìn náà, ṣí àkáǹtì kékeré mìíràn lórí fóònù fún tẹ́tẹ́ nìkan, kí o sì fi ₦2,000 sí i. Àkáǹtì kékeré yẹn nìkan ni kí ojú-òpó tẹ́tẹ́ mọ̀, kí owó tí o bá jẹ sì padà síbẹ̀ náà. Yọ káàdì àkáǹtì owó oṣù rẹ kúrò lójú-òpó náà lónìí yìí.

Tíṣà Ìwó (Ọjọ́ Ajé, aago 5:48 àárọ̀)

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ó yàtọ̀ díẹ̀. Èmi ní iye tí mo yà sọ́tọ̀, ₦3,000 lóṣù, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò gbé e kúrò nínú àkáǹtì owó oṣù. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, ₦3,000 náà ti tán ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, eré kan ṣoṣo ló gé tíkẹ́ẹ̀tì mi ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, mo sì sọ fún ara mi pé n ó fi ₦2,000 sí i, n ó dá a padà bí mo bá jẹ. Ní aago kan òru, mo ti fi ₦31,000 sí i, ìgbà mẹ́jọ ni mo sì tẹ bọ́tìnnì kan náà. Owó ìwé àkọ́bí mi wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù ni pé iye tó kù nínú àkáǹtì ń hàn lójú fóònù ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fi owó kún un, iye ńlá, mo sì ń rò pé owó ṣì wà. Lójú fóònù yẹn, owó ìwé, owó epo àti owó tẹ́tẹ́ kò yàtọ̀ síra.

Ìyàwó mi ni ó ń tọ́jú owó ilé báyìí. N kì í ta tẹ́tẹ́ mọ́, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe bíi tèmi.

Àjàní Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Ajé, aago 1:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè yín wọ̀ mí lára, nítorí ní oṣù kìíní mo yá ₦40,000 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí owó ilé tó pé. Mo ti san án tán. Ṣùgbọ́n kí ni mo lè fi ₦2,000 ta? Bí mo bá fi ₦500 ta eré kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ibi iṣẹ́ ní kí n máa fi ₦100 bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí mo bá ti pàdánù, pé ìgbàkígbà tí mo bá jẹ, gbogbo rẹ̀ á padà wá.

Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ajé, aago 8:37 alẹ́)

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Kọ́lápọ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ papọ̀, nítorí ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń kọsẹ̀: wọn kò ka ìgbà tí ìpàdánù bá ń tẹ̀ lé ìpàdánù.

Ká ní o ń ta eré tí yóò jẹ tàbí tí kò ní jẹ lọ́gbọọgba, bí ẹni ju owó ẹyọ sókè. Bí ènìyàn 100 bá ta irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 81 nínú wọn ni yóò rí ìgbà kan tí wọn pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra. Nǹkan bí 32 ni yóò rí i lẹ́ẹ̀meje tẹ̀léra. Kò sí àmì pé orí wọn burú tàbí pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù. Bí owó ẹyọ ṣe ń ṣubú nìyẹn, ìgbà 100 kò sì ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ fún ẹni tó ń ta eré mẹ́fà tàbí méje lọ́sẹ̀.

Kọ́lápọ̀ tọ̀nà pé ìdá kan nínú owó tó wà nílẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn máa mú, mo sì fara mọ́ ọn. Iye ìdá náà ni mo bá a jà sí. Bí ìdá mẹ́wàá bá pàdánù lẹ́ẹ̀meje tẹ̀léra, ₦20,000 ti di nǹkan bí ₦9,600. Ohun tó ti lọ ju ìdajì lọ, kí ó tó lè padà sí ibi tó wà, owó tó kù gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ó bá jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni, ₦20,000 náà ṣì máa ku nǹkan bí ₦17,400 lẹ́yìn ìpàdánù méje yẹn, ènìyàn á sì lè sùn. Pé owó kò lè tán láéláé náà kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwa tí owó wa kéré, nítorí ojú-òpó tẹ́tẹ́ ní iye tí kò gbà kí o lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí mo ti ń ta, ₦100 ni. Nígbà tí ìdá rẹ bá ti kéré sí ₦100, ìṣirò náà ti dúró, ìwọ kò sì ní dúró.

Ìlọ́po méjì tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ ni ó léwu jù. Ká ní ₦6,000 wà lọ́wọ́ rẹ. ₦100, ₦200, ₦400, ₦800, ₦1,600: ìpàdánù márùn-ún ti kó ₦3,100 lọ. Èyí tó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦3,200, ₦2,900 péré ló sì kù sí ọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ti máa ń wọ inú owó ilé, nítorí ọkàn ti sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kan péré ló kù. Bí o bá sì jẹ, kí lo jèrè lórí gbogbo wàhálà náà? ₦100.

Ohun tí mo máa ṣe bí mo bá wà ní ipò rẹ ni èyí. N ó fi ₦2,000 sínú àkáǹtì kékeré náà fún oṣù mẹ́ta láìta ohunkóhun. Yóò di ₦6,000. ₦100 ni n ó sì máa fi ta eré kan, iye kan náà ní gbogbo ìgbà, yálà eré náà dá mi lójú tàbí kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Iye kan ṣoṣo yẹn ni àwa tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ń pè ní yúnìtì. ₦6,000 ní yúnìtì 60 nínú. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lónìí pẹ̀lú ₦2,000, yúnìtì 20 péré ni, ìpàdánù méje sì ti kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Kọ́lápọ̀ Èkó (Ọjọ́ Ajé, aago 9:20 alẹ́)

Mo ka ìṣirò náà, mo sì gbà pé ìdá mẹ́wàá pọ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Èmi kò ní ìyàwó, inú ilé bàbá mi ni mo ń gbé, bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi ka owó ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Ta ni ó fẹ́ fi ₦100 ta eré kan ní ọ́ọ̀dì 1.85, kí ó jẹ ₦85? Ẹni tí owó rẹ̀ kéré ni ó yẹ kí ó to eré márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. ₦100 kan náà ni, yúnìtì kan náà ni, ó sì lè mú ₦2,000 wálé.

Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ajé, aago 10:26 alẹ́)

Ìbéèrè tó dára ni, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí lóòótọ́ ni pé ₦100 kò lè pàdánù ju ₦100 lọ.

Wo eré kan tí wọ́n fi sí 1.85 pé gólù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò wọlé, tí wọ́n sì fi òdìkejì rẹ̀ sí 1.90. Pín 1 sí 1.85, o rí 0.54. Pín 1 sí 1.90, o rí 0.53. Pa á pọ̀, ó di 1.07, kàkà kí ó jẹ́ 1 gérégé. Ohun tó lé yẹn ni owó oníṣẹ́. Ó túmọ̀ sí pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí àwa oníbàárà bá fi ta eré náà, nǹkan bí ₦94 ló ń padà sọ́dọ̀ wa lápapọ̀. Bí o bá to eré méjì irú rẹ̀ pọ̀, wọn á gba owó oníṣẹ́ lórí àkọ́kọ́, wọn á tún gbà á lórí èkejì, ₦88 ló ń padà. Bí o bá to márùn-ún, nǹkan bí ₦72. Owó ẹ̀bùn tí wọ́n ń fi kún tíkẹ́ẹ̀tì gígùn máa ń dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó dí ihò náà tán.

Ohun kejì ni ìpàdánù tó ń tẹ̀léra. Tíkẹ́ẹ̀tì eré márùn-ún lè gé ní ìgbà 40 tẹ̀léra láìsí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Yúnìtì 60 tí mo ní kí Àjàní kó jọ, eré kan ṣoṣo lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ni mo fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì gígùn ni yóò máa ta, 60 kò tó.

N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Yúnìtì kékeré kò lè sọ eré tí ń pàdánù di èyí tí ń jèrè. Ìwé mi ti líìgì tó kọjá wà níwájú mi báyìí, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo fi búlúù fa ìlà sí: ọjọ́, eré, ọ́ọ̀dì, yúnìtì, àbájáde. Tíkẹ́ẹ̀tì 212 ni mo ta, ₦200 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦42,400 lápapọ̀. ₦40,150 ló padà. Mo pàdánù ₦2,250 láti oṣù kẹjọ títí di oṣù karùn-ún, èmi tí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún líìgì mẹ́fà. Bí owó tí mò ń san ní ilé ìwòran láti wo bọ́ọ̀lù ni mo ṣe kà á. Ẹni tí ìpàdánù irú yẹn bá máa dùn ún, kí ó má bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 11:12 àárọ̀)

Mo ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láti ọdún méje. Bàbá kan wà, káfíńtà ni, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wá. Ó máa ń ká ₦500 mọ́ ẹ̀yìn ìwé kékeré kan, yóò ta eré márùn-ún ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì bọ́ sọ́nà. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì tíì sọ fún mi rí pé kí n bá òun fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná, òun á san owó tó bá di ọ̀la. Àwọn tó máa ń bàjẹ́ kì í ṣe àwọn tó ta púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó jáde tí wọ́n tún wọlé ni. Bí mo bá ti rí ẹni tó ti pàdánù, tó lọ sí ọ̀dọ̀ oní POS tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó sì padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ̀ pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe owó tó mú jáde nílé fún tẹ́tẹ́.

Nítorí náà, ọmọ mi Àjàní, èmi ò gba ọ̀rọ̀ àkáǹtì kékeré lórí fóònù yẹn. Owó ọwọ́ ni kí o máa lò. Bí ó bá tán, ó tán, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbé ọ lọ wá òmíràn.

Láńre Pẹ́kàmù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:50 alẹ́)

Mo ń ka ìjíròrò yìí láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ Ìyá yé mi, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ó pẹ́ díẹ̀ kí owó tuntun tó dé. Níbí, láti ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n ti fòfin de kí ènìyàn máa fi káàdì owó àwìn ta tẹ́tẹ́. Bánkì mi sì ní bọ́tìnnì kan lórí fóònù tí mo bá tẹ̀, gbogbo owó tó bá ń lọ sí ilé tẹ́tẹ́ kò ní kọjá mọ́. Bí mo bá fẹ́ ṣí i padà, wákàtí 48 ni mo gbọ́dọ̀ dúró. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún mi, £10 lọ́sẹ̀ ni mo sì yà sọ́tọ̀, 50 pẹ́ńsì lórí eré kan. Wákàtí 48 yẹn ti gbà mí ju gbogbo ìṣirò lọ. Ṣé kò sí irú rẹ̀ ní bánkì yín nílé?

Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:15 alẹ́)

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gbà pé owó ọwọ́ ń dá ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ kì í fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Káfíńtà yẹn ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé kékeré náà. Ẹni tí kò bá ní ìwé, yóò rántí èyí tó jẹ, yóò gbàgbé èyí tó gé. N kò lè sọ pé tèmi ni ó tọ̀nà fún gbogbo ènìyàn.

Láńre, bánkì tèmi kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Ojú-òpó tí mò ń lò ní ibi tí mo ti lè fi òpin sí iye tí mo lè fi sí i lóṣù, mo sì ti fi í sí ₦2,000. Ohun tí mo tún ń ṣe ni pé mi ò kì í jẹ́ kí gbogbo owó náà wà lójú-òpó tẹ́tẹ́. Yúnìtì mẹ́wàá péré ló ń wà níbẹ̀, ìyókù wà nínú àkáǹtì kékeré, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo sì máa ń fi kún un, lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, mo kàn ń rí àwọn eré tí n kò mọ̀ rí, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí n kò mọ orúkọ ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀, ní aago méjìlá òru.

Bàbá Ṣadé, Ìjẹ̀bú-Òde (Ọjọ́rú, aago 7:33 àárọ̀)

Mo ti wá lóye ọ̀rọ̀ náà báyìí, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alájọ mi kò ṣègbé. Ọmọ náà nílò ₦180,000 lọ́dún fún ilé. Bí ó bá ń dá ₦500 lójúmọ́, ní ọjọ́ 365, ₦182,500 ni. Alájọ yóò yọ ₦500 lóṣù, ₦6,000 lọ́dún, ó ku ₦176,500. ₦3,500 péré ni yóò wá fi kún un. Owó tó wà lọ́dọ̀ alájọ kò sí lójú fóònù, kò sì lè fi ta tẹ́tẹ́ ní aago kan òru. Kí ó wá alájọ tí àwọn ará ọjà ti mọ̀ pẹ́, kí ó sì máa gba owó náà lóṣooṣù, kí ó fi í síbi tí kò ti ní rọrùn láti mú.

Àjàní Mọ́kọ́lá (Ọjọ́rú, aago 8:58 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ ilé ìtẹ̀wé wa tó ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, n ó bá a sọ̀rọ̀.

Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, bí mo bá jẹ, ṣé kí n jẹ́ kí owó náà wà níbẹ̀, kí yúnìtì mi sì pọ̀ sí i, àbí kí n mú un jáde? Èkejì, n kò kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ojú ń tì mí: mo jẹ ilé iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù ní ₦18,000. Oṣù tó kọjá ni mo yá a.

Kọ́lápọ̀ Èkó (Ọjọ́rú, aago 9:10 alẹ́)

Jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Bí o bá ń mú un jáde ní gbogbo ìgbà, ₦100 ni o máa fi ta eré títí ayé.

Òǹkọ Tíkẹ́ẹ̀tì (Ọjọ́rú, aago 10:40 alẹ́)

Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àbúrò. Ó dára tí o sọ ọ́, nítorí ó yí ìdáhùn mi padà. Ẹni tó bá jẹ irú gbèsè yẹn kò ní owó tẹ́tẹ́ rárá, òdo ni. ₦2,000 tí a ṣírò yẹn, ilé iṣẹ́ náà ló ni ín, èlé rẹ̀ sì ń gùn lójoojúmọ́ ju ohunkóhun tí eré bọ́ọ̀lù lè mú wá. San án tán kí o tó ṣí àkáǹtì kékeré kankan. Bí o bá fi kún un láti inú oúnjẹ, bí o ṣe fẹ́ ṣe fún tẹ́tẹ́, ₦5,000 lóṣù, gbogbo rẹ̀ lè parí láàárín oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin bá lè yá ọ láìsí èlé kí o fi pa gbèsè yẹn, ìyẹn dára jù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó mọ ohun tó fà á.

Lórí èrè, èmi àti Kọ́lápọ̀ kò ní fohùn ṣọ̀kan. Òpin oṣù ni mo máa ń ka owó mi. Bí ó bá ju iye tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ, mo máa ń mú ìdajì ohun tó lé jáde, n kì í sì í gbé yúnìtì sókè títí owó yóò fi tó yúnìtì tuntun náà ní ìlọ́po 60. Láti ₦100 lọ sí ₦200, ìyẹn túmọ̀ sí ₦12,000 nílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo fi dé ibẹ̀, ní líìgì méjì ni mo sì tún sọ̀ kalẹ̀ padà sí ₦100. Mo mọ àwọn tó ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì yẹ wọ́n.

Ìyá Onítíkẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta (Ọjọ́bọ̀, aago 9:04 àárọ̀)

Káfíńtà yẹn kì í gbé e sókè o. ₦100 náà ni láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Àjàní Mọ́kọ́lá (Ọjọ́bọ̀, aago 7:21 alẹ́)

Mo ti yọ káàdì kúrò lójú-òpó tẹ́tẹ́ lálẹ́ àná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun yóò fún mi ní ₦10,000 ní ìparí oṣù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó bínú díẹ̀. ₦8,000 tó kù, n ó san ₦4,000 ní oṣù yìí àti ₦4,000 ní oṣù tó ń bọ̀. Alájọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦500 lọ́wọ́ mi lónìí, ó fún mi ní káàdì aláwọ̀ yẹ́lò, ó sì sàmì sí ojú ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá san gbèsè tán, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ₦2,000 yẹn jọ, n ó sì padà wá síbí nígbà tó bá pé ₦6,000.